Bí a ṣe ń kọ àlàyé ọjà fún kọ́tìnì àṣewọ̀n: iye ọjọ́, ìwọ̀n, àti ohun tí kò ṣe é yí padà mọ́

Ẹni tó bá ń rán kọ́tìnì fún oníbàárà tí kò fojú rí mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kọ́ ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ìjà máa ń dá lé: ọjọ́ tí ọjà yóò jáde, ibi tí oníbàárà ti wọn fèrèsé rẹ̀, àti àyípadà tó bèèrè fún nígbà tí aṣọ ti di gígé. Inú àlàyé ọjà ló yẹ kí a ti parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí owó tó wọlé. Kọ́tìnì olórùka, ìyẹn èyí tí a lu ihò sí lórí tí ọ̀pá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni mo máa fi ṣàlàyé, nítorí òun ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń dojú rú jù.

Kọ́kọ́ to iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ kí o tó kọ ohunkóhun

Mú ìwé, kí o kọ ọ̀nà tí kọ́tìnì kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: o ra aṣọ, o gé e, o so ó pọ̀, o ṣẹ́ etí rẹ̀, o lu ihò òrùka, o lọ̀ ọ́, o dì í. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí ìpele náà tì pa. Bí o bá ti ra aṣọ, àwọ̀ àti irú aṣọ ti tì. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kàn án, gígùn àti ìbú kò lè lé sí i mọ́. Bí o bá ti lu ihò, kò lè di kọ́tìnì tí a fi okùn fa orí rẹ̀ pọ̀, torí ihò kì í dí. Àmọ́ kíkúrú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣe é ṣe títí di ìgbà tí o bá fẹ́ dì í, bí oníbàárà bá gbà láti san owó ìtúnṣe.

Ìwé yìí ni gbogbo àlàyé ọjà náà yóò ti jáde. Ọlọ́jà tí kò ní in lọ́wọ́ ló máa ń kọ “kò sí àyípadà lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó”, tí yóò sì sú ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ òrùka ní wákàtí kan lẹ́yìn tó sanwó. Oníbàárà kò bínú sí òfin. Òfin tí kò nídìí ló ń bí i nínú. Bí o bá sọ fún un pé aṣọ ti di gígé, yóò yé e.

Ìwọ̀n: sọ ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni oníbàárà ń wọ̀n. Bí o bá kọ “ẹ fi ìbú fèrèsé yín ránṣẹ́”, ohun tí o bèèrè ló máa fún ọ, kọ́tìnì náà yóò sì kéré. Ọ̀pá ni kọ́tìnì ń gùn, kì í ṣe fèrèsé. Ọ̀pá sì máa ń yọ kọjá fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí kọ́tìnì lè rí ibi dúró sí nígbà tí a bá ṣí i. Nítorí náà, kọ ọ́ báyìí: ẹ kan ọ̀pá mọ́ ògiri ná, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn ọ̀pá láti etí kan dé èkejì, ẹ má ka ohun ọ̀ṣọ́ tó wà ní orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn.

Gígùn ni èkejì. Fún kọ́tìnì olórùka, láti orí ọ̀pá dé ilẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n. Orí kọ́tìnì fúnra rẹ̀ yóò yọ sókè ọ̀pá díẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ bí òrùka rẹ bá rí bíi tèmi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ máa wọ́ ilẹ̀, a máa ń yọ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ kúrò. Ta ló máa ṣe ìyọkúrò àti àfikún yìí? Bí àlàyé rẹ kò bá sọ, oníbàárà tó ní làákàyè yóò ti yọ ọ́, ìwọ náà yóò tún yọ ọ́, kọ́tìnì yóò sì gòkè kúrò nílẹ̀. Kọ gbólóhùn kan péré: “Ẹ fi iye tí ẹ rí lára tépù ránṣẹ́ bó ṣe rí, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò, àwa la máa yọ ọ́.”

Ilẹ̀ kì í sábà tẹ́jú pérépéré. Ní kí wọ́n wọn gígùn níbi mẹ́ta, lápá òsì, láàárín àti lápá ọ̀tún, kí wọ́n sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Èyí tó kúrú jù ni ìwọ yóò lò. Tépù irin ni kí wọ́n fi wọ̀n; tépù aṣọ tí a fi ń wọn ara máa ń fà bó bá ti pẹ́, kì í sì í dúró ṣinṣin lórí gígùn tó ju mítà méjì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: ẹyọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá kọ “90” sílẹ̀ lásán lè ní ínṣì lọ́kàn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 228.6. Ó sì lè ní sẹ̀ǹtímítà 90 lọ́kàn fún fèrèsé kékeré. Mú ẹyọ kan, kọ ọ́ sí àlàyé ọjà, má fún wọn láyè láti yàn. Sọ èyí tó ṣáájú pẹ̀lú: ìbú ṣáájú, gígùn tẹ̀ lé e.

Bí nọ́ńbà kan ṣe lè sọ aṣọ di ìlọ́po méjì

Kọ́tìnì tí a bá rán ní ìbú ọ̀pá gan-an yóò nà tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ ìbùsùn tí a sá. Kó lè ní ìṣẹ́po, a máa ń fi ìbú ọ̀pá ṣe ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti gbọ́ nípa ìlọ́po yìí, àwọn kan á sì ti ṣe é fúnra wọn kí wọ́n tó fi ìwọ̀n ránṣẹ́.

Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ sí ọ pé: “380 × 230, kọ́tìnì méjì.” Kí ni 380 yẹn? Ó lè jẹ́ ìbú ọ̀pá. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 190, tó sì ti fi ṣe ìlọ́po méjì. Méjèèjì ló bọ́gbọ́n mu, o kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ká ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 140. Bí ọ̀pá bá jẹ́ 190, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 380; a ó pín in sí kọ́tìnì méjì, kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 190 nígbà tó bá parí. Fi 10 kún un fún ṣíṣẹ́ etí méjèèjì, ó di 200. Aṣọ kan ààbọ̀ tí a so pọ̀ yóò fún wa ní 207 lẹ́yìn tí ojú ìsopọ̀ bá ti jẹ 3, ó sì tó. Nítorí náà, kọ́tìnì méjì gba ègé mẹ́ta. Gígùn tó parí jẹ́ 230. A ó fi 20 kún un fún orí, 16 fún ìsàlẹ̀, ègé kọ̀ọ̀kan di 266. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 798, tó túmọ̀ sí mítà mẹ́jọ.

Bó bá jẹ́ pé 380 ni ọ̀pá náà ńkọ́? Kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan yóò gba ègé mẹ́ta, méjèèjì ègé mẹ́fà, aṣọ sì di mítà 16. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà yẹn kà ti jẹ gbèsè mítà mẹ́jọ. Tàbí kó rán kọ́tìnì tó kéré jù, kó sì máa wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bèèrè “ìbú kọ́tìnì” rárá. Ìbú ọ̀pá nìkan ni mò ń bèèrè, mo sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa la máa ṣe ìlọ́po. Mo tún máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ọ̀pá náà pẹ̀lú tépù lórí rẹ̀, kí nọ́ńbà tó wà lára tépù hàn. Fọ́tò kan ṣoṣo yìí máa ń tú àṣìṣe púpọ̀ fó.

Aṣọ olódòdó tàbí aláràbarà tún ní tirẹ̀. Bí àwòrán ara rẹ̀ bá ń padà wá ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 64, a kò lè gé ègé ní 266 mọ́. Àfi ká gé e ní 320, kí àwòrán lè bára mu níbi ìsopọ̀, gbogbo rẹ̀ sì di mítà mẹ́sàn-án àti sẹ̀ǹtímítà 60. Sọ ọ́ nínú àlàyé pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń gba aṣọ púpọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé o ń fi kún owó lásán.

Kọ iye tí ìwọ náà lè yẹ̀ sí i pẹ̀lú. Sẹ̀ǹtímítà kan lókè tàbí nísàlẹ̀ jẹ́ ohun tó tọ́ fún kọ́tìnì gígùn, torí aṣọ máa ń fà díẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ̀ ọ́. Bí o kò bá kọ ọ́, ẹnì kan yóò wọ̀n ọ́n, yóò bá 229.5, yóò sì ní o rẹ́ òun jẹ.

Iye ọjọ́: láti ìgbà wo dé ìgbà wo

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” kò sọ nǹkan kan bí kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Oníbàárà ń kà á láti ìgbà tó sanwó títí tí ọjà yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ ń kà á láti ìgbà tí ìwọ̀n pé títí tí o fi gbé e fún àwọn tó ń kó ẹrù. Àárín kíkà méjèèjì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, inú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sì ni gbogbo “ẹ jọ̀ọ́, ọjà mi dà?” ti ń wá.

Má fi iye wákàtí tí o fi ń rán kọ́tìnì kan ṣe ìṣirò. Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni kí o fi ṣe é. Ká ní o lè parí kọ́tìnì méjì-méjì fún fèrèsé mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí iṣẹ́ fèrèsé mẹ́fà sì ti wà níwájú. Àwọn yẹn yóò gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ tuntun yìí bọ́ sí yóò fi márùn-ún kún un. Aṣọ tí o ní láti rà yóò ti dé láàárín ìgbà tó ń dúró de ipò rẹ̀, nítorí náà má kà á lẹ́ẹ̀kejì. Fi ọjọ́ kan kún un fún lílọ̀ àti dídì, kí o sì fi méjì sí i fún ẹ̀rọ tó lè bàjẹ́ tàbí aṣọ tó bá dé pẹ̀lú àbààwọ́n. Ó di ọjọ́ iṣẹ́ 18. Ìyẹn ni kí o kọ, kì í ṣe 10 tí ọkàn rẹ fẹ́ràn. Ẹyin lohùn.

Wá sọ ohun tó ń mú kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Tèmi jẹ́ mẹ́ta: owó ti wọlé, ìwọ̀n ti pé, oníbàárà sì ti fọwọ́ sí ìwé ìfìdímúlẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Fi àpẹẹrẹ kan hàn wọ́n: ẹni tó sanwó lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tó fi ìwọ̀n ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, tó sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún yóò bọ́ sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lọ́jọ́ yẹn, ọjà ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Kò tíì dé. Ọjọ́ àwọn tó ń kó ẹrù jẹ́ tiwọn, kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Tí ibi tí o ti ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ní àpótí tí a ti ń yan iye ọjọ́ ìmúrasílẹ̀, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti inú àlàyé rẹ mu. Bí àpótí bá sọ 5, tí ìwé rẹ sọ 18, oníbàárà yóò gba 5 gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ohun tí kò ṣe é yí padà: so ó mọ́ ìpele

Ibí ni ìwé ìpele tí o kọ́kọ́ kọ ti wúlò. Má ṣe to èèwọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré tó. Kí a tó ra aṣọ, gbogbo nǹkan ló ṣe é yí padà. Lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ, àwọ̀ àti irú aṣọ kò ṣe é yí mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ṣì ṣe é tún wò, bí aṣọ tí a rà bá tó o. Lẹ́yìn tí a ti gé e, gígùn kò lè lé sí i, ìbú kò lè yí, irú orí kò lè yí. Kíkúrú nìkan ló kù, ó sì lówó tirẹ̀.

Àwọn kan máa ń bèèrè pé ṣebí a lè tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sì mú un gùn sí i, nígbà tí sẹ̀ǹtímítà 16 wà nínú ìṣẹ́po. A lè tú u lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ àti ìlà ìlọ̀ àtijọ́ yóò hàn gbangba nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Má ṣèlérí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà gba gbólóhùn méjì. Àwọ̀ ojú fóònù kì í ṣe àwọ̀ aṣọ gan-an, nítorí náà fi ègé aṣọ kékeré lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi kọ́tìnì kan kún tirẹ̀ lóṣù mẹ́ta sí i yẹ kó mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n rẹ nígbà mìíràn lè yàtọ̀ díẹ̀.

Bó bá di ọ̀rọ̀ ìdápadà, òfin ibi tí oníbàárà wà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Bí àpẹẹrẹ, òfin 2011/83 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ẹni tó ra ọjà láti ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ó yọ ọjà tí a ṣe bí oníbàárà ṣe ní ká ṣe é sílẹ̀. Kọ́tìnì àṣewọ̀n gan-an ni àpẹẹrẹ tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú òfin náà mú wá. Ní 2020, ilé ẹjọ́ gíga àjọ náà fi kún un pé àyọkúrò yìí dúró bí ọlọ́jà kò bá tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ọlọ́jà ti sọ fún oníbàárà ṣáájú pé kò ní ẹ̀tọ́ ìdápadà. Kò sì gba ọlọ́jà lọ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀: kọ́tìnì tó ní àbùkù, tàbí tí kò bá ohun tí ẹ jọ kọ sílẹ̀ mu, ìwọ lo máa tún un ṣe. Kọ èyí síbẹ̀ láìfi bò. Kọ́tìnì tí o sì ti rán sílẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́ta kí ẹnì kan tó wá yan ọ̀kan kì í ṣe àṣewọ̀n, má pè é bẹ́ẹ̀.

Bí àlàyé náà ṣe lè rí

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí òun nìkan ni fóònù máa ń fi hàn kí ènìyàn tó tẹ ibi tó kù.

> Kọ́tìnì olórùka méjì, tí a ń rán lẹ́yìn tí ẹ bá ra á, ní ìwọ̀n ọ̀pá yín. Ó ń kúrò lọ́dọ̀ wa láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 18 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwọ̀n. Ọjọ́ ìkẹ́rù yàtọ̀.
>
> Ìwọ̀n tí a nílò, ní sẹ̀ǹtímítà: (1) ìbú ọ̀pá láti etí dé etí, láìka ohun ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀, (2) gígùn láti orí ọ̀pá dé ilẹ̀, níbi mẹ́ta, (3) fọ́tò ọ̀pá pẹ̀lú tépù irin lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe ìlọ́po, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Àwa la máa ṣe é.
>
> A ó fi ìwọ̀n tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ sí yín. A kì í gé aṣọ kí ẹ tó dáhùn, ọjọ́ iṣẹ́ kì í sì í bẹ̀rẹ̀.
>
> Bí a bá ti ra aṣọ, àwọ̀ kò ṣe é yí. Bí a bá ti gé e, gígùn kò lè lé sí i, ìbú àti irú orí kò ṣe é yí. A lè mú un kúrú, ẹ ó san owó ìtúnṣe. Ó lè yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan.
>
> Nítorí pé ìwọ̀n yín ni a fi rán an, kò ṣe é dá padà torí pé ọkàn yí. Bí ó bá ní àbùkù, tàbí bí kò bá bá ìwọ̀n tí ẹ fọwọ́ sí mu, a ó tún un rán láìgba owó.

Ìwé ìfìdímúlẹ̀

Ìwé kékeré yìí ló ń mú kí àlàyé ọjà ṣiṣẹ́. Má kàn da nọ́ńbà oníbàárà padà sí i, kọ ohun tí kọ́tìnì yóò jẹ́ nígbà tó bá parí: “Ọ̀pá yín jẹ́ 190. Kọ́tìnì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 190 ní ìbú. Gígùn tó kúrú jù tí ẹ fi ránṣẹ́ ni 228. A yọ 1.5 nísàlẹ̀, a fi 3.5 kún orí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 230. Àwọ̀ eérú, òrùka fàdákà. Ṣé ká gé e?” Ẹni tó ti ṣe ìlọ́po tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò rí “ọ̀pá yín jẹ́ 380” níbẹ̀, yóò sì pariwo ní kíá, nígbà tí aṣọ ṣì wà lódindi.

Bí kò bá dáhùn, má gé e. Rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn síwájú. Ipò rẹ̀ yóò dúró dè é títí òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bọ́ sẹ́yìn ìlà. Ìyẹn náà yẹ kó wà nínú àlàyé.

Lọ́jọ́ tí kọ́tìnì bá parí, tẹ́ ẹ sílẹ̀, fi tépù lé ìbú àti gígùn rẹ̀, ya fọ́tò méjèèjì, kí o tọ́jú wọn pẹ̀lú ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ka iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí o sì yí 18 yẹn padà bí ìlà bá ti gùn tàbí tó kúrú. Ẹni tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ ń lo nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á.